Kẹ́ Ẹ Tó Ra Kọ̀mpẹ́sọ̀: Ọ̀rọ̀ Jíìpù Tó Wọlẹ̀ ní Igun Kan

Bí ẹ bá jí láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ ní Igbó-Ọrà, tí ẹ rí i pé jíìpù yín ti fi igun iwájú lọ́wọ́ òsì jókòó lé orí táyà, tí ẹ sì sítáàtì rẹ̀ tí dáṣíbọ́ọ̀dù kọ `STOP CAR TOO LOW` síwájú yín, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kọ̀mpẹ́sọ̀ ti kú, kí ẹ lọ wá owó rẹ̀. Ẹlòmíì á ní kí ẹ tú gbogbo ohun tó ń lo afẹ́fẹ́ náà dànù, kí wọ́n ki sípíríìgì onírin bọ̀ ọ́. Ìmọ̀ràn méjèèjì lè tọ̀nà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yẹ kí ẹ gbà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Iná tó tàn yẹn kò mọ ohun tó bàjẹ́. Ohun tó mọ̀ ni pé ọkọ̀ ò ga tó bó ṣe yẹ. Igun tó wọlẹ̀, àti iye wákàtí tó fi wọlẹ̀, ni kí ẹ bi léèrè.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ohun àjèjì nílùú wa mọ́. Nígbà àjọ̀dún ìbejì tí wọ́n ti ń ṣe ní Igbó-Ọrà láti ọdún 2018, àti nígbà Iléyá àti Kérésì, ẹ ó rí Mẹ̀sídíìsì GL àti ML, Réńjì Rófà àti Lẹ́sọ́sì GX470 láti Páàkó títí dé Ìberẹ̀kodó. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nílùú òyìnbó kó tó gun orí omi wá. Ràbà tó gbé wọn dúró ti dàgbà pẹ̀lú wọn, kódà bí ọ̀dà ara ọkọ̀ náà bá ṣì ń dán. Eruku ọyẹ́ àti yẹ̀pẹ̀ pupa ojú ọ̀nà Ìbàràpá á wá máa wọ ibi tí ràbà náà ti ń ká, á máa ha á díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi GL450 ọdún 2008 ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí àwọn èèyàn wa ń rà. Níbi tí sípíríìgì onírin ì bá wà, àpò ràbà tí wọ́n fi okùn híhun le nínú ló wà. Níwájú, àpò náà àti ṣọ́ọ̀kì jọ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn, àpò wà láyè tirẹ̀, ṣọ́ọ̀kì sì wà láyè tirẹ̀. Kọ̀mpẹ́sọ̀ kékeré kan tó ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́ ló ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta. Afẹ́fẹ́ náà á kọ́kọ́ gba àárín èròjà kan tó ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ, á wá wọ àpótí fáàfù, láti ibẹ̀ ni túùbù tín-ín-rín kọ̀ọ̀kan ti lọ sí igun tirẹ̀. Nídìí táyà, sẹ́ńsọ̀ tó ní apá kékeré ń wo bí ara ọkọ̀ ṣe jìnnà sí ilẹ̀ tó, ó sì ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá kó iṣu àti ẹ̀gúsí sẹ́yìn tí ìdí ọkọ̀ sì wọlẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní kí fáàfù ẹ̀yìn ṣí, kí afẹ́fẹ́ wọlé títí ọkọ̀ á fi tún dúró dọ́gba.

Ẹ wo bí agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti tó. Fọkanáísà máa ń fún táyà jíìpù ní nǹkan bí 33 sí 36 lójú géèjì. Nínú àpò ràbà iwájú, ó ń kọjá 100 dáadáa nígbà tí ọkọ̀ kàn dúró lásán, kọ̀mpẹ́sọ̀ sì lágbára láti tì í kọjá 200. Ìdí nìyẹn tí sísán tí ojú lásán kò lè rí fi tó láti jẹ́ kí igun kan wọlẹ̀ láàárín òru.

Ibí yìí ni kọ̀mpẹ́sọ̀ ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà. A kò ṣe é láti máa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló yẹ kó lò, kó dákẹ́, kó tutù. Bí igun kan bá ń jò, ńṣe ni ó dà bí ẹni tó ń pọnmi sínú agbè tó lu. Á máa ṣiṣẹ́ ṣáá, òrùka tó wà lára písítìnì rẹ̀ á jẹ, èròjà tó ń gbẹ omi á rin, rilé tó ń fún un níná náà á gbóná. Kọ̀ǹpútà máa ń dá a dúró kó má baà jóná, iná á sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà náà. Bí rilé bá wá lẹ̀ pa tí kò lè gé iná mọ́, kọ̀mpẹ́sọ̀ á ṣiṣẹ́ títí á fi jó. Nítorí náà, bí kọ̀mpẹ́sọ̀ bá ti kú lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé jíjò ló pa á. Ẹni tó ra tuntun láìwá ibi tó ń jò ti sọ tuntun náà sójú ọ̀nà kan náà.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe é? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ṣé igun náà ń dìde bí ẹ bá sítáàtì ọkọ̀? Bí ó bá dìde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tó dúró dáadáa ní gbogbo ọjọ́, tó tún wọlẹ̀ ní òru, kọ̀mpẹ́sọ̀ ṣì wà láàyè, jíjò ló wà níbẹ̀. Bí igun kan ṣoṣo bá wà nílẹ̀ tí kò dìde rárá nígbà tí mẹ́ta yòókù dúró dáadáa, ẹ wo apá kékeré tó wà lára sẹ́ńsọ̀ igun náà. Ó máa ń kán, tàbí kí ipata jẹ oríkèé rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà á fi máa gbọ́ irọ́: á rò pé igun tó wà nílẹ̀ ti ga tó. Ti sẹ́ńsọ̀ yìí ò ní í ṣe pẹ̀lú òru. Bí ó ṣe wà lálẹ́ ni ẹ ó bá a láàárọ̀. Bí gbogbo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wá wà nílẹ̀ tí ẹ kò sì gbọ́ ariwo kọ̀mpẹ́sọ̀ rárá, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wo fíùsì, rilé àti kọ̀mpẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá téèpù tí kápẹ́ńtà fi ń wọn pákó. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà tí táyà kan á wà lórí òkìtì, nítorí ọkọ̀ náà lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ níbẹ̀ láìsí ohun tó ṣe é. Ẹ wọ̀n láti àárín gbùngbùn rímù dé etí irin tó bo táyà lókè, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dínkù á ba ìṣirò jẹ́.

Ká ní GL wa ka sẹ̀ntímítà 45 níwájú lọ́tùn-ún àti lósì ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ̀yìn méjèèjì sì ka 46. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, iwájú òsì ka 38, iwájú ọ̀tún ka 44 àti ààbọ̀, ẹ̀yìn kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ìdajì sẹ̀ntímítà tó lọ lọ́wọ́ ọ̀tún kò yẹ kó dà yín láàmú. Nínú ọyẹ́, ọ̀sán lè gbóná gan-an, kí ìdájí sì tutù wọ̀ọ̀. Afẹ́fẹ́ inú àpò máa ń sún kì díẹ̀ bí ó bá tutù, ọkọ̀ á sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n òtútù kì í yan igun kan. Sẹ̀ntímítà méje lójú kan ní wákàtí mẹ́wàá, jíjò ni.

Àwọn tó ní Réńjì Rófà tàbí Díṣíkọ́fà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí. Kọ̀ǹpútà àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn máa ń jí lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí ẹ ti pa ọkọ̀, á wo igun tó wọlẹ̀ jù, á sì tú afẹ́fẹ́ àwọn yòókù kí ọkọ̀ lè dọ́gba. Igun kan ṣoṣo ló ń jò, ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ ni ẹ ó bá nílẹ̀ láàárọ̀, mẹkáníìkì á sì sọ pé ẹ ní àpò mẹ́rin láti rà. Ọ̀nà àbáyọ kò le: bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tán lálẹ́, ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù. Kọ̀ǹpútà kò ní í lè jí, igun tó ń jò nìkan ló sì máa wọlẹ̀.

Ẹ padà sí GL wa. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ fi bọ́tìnì gbé e ga sókè kẹ́ ẹ tó pa á. Bí òsì iwájú bá dúró digbí títí ilẹ̀ fi mọ́, tó sì jẹ́ pé ní ìdúró rẹ̀ ti ojoojúmọ́ ló ń wọlẹ̀, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ibi tí sísán náà wà. Àpò ràbà máa ń ká lé ara rẹ̀ nísàlẹ̀, ibi tó ti ń ká yẹn ń yí bí ọkọ̀ bá ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí. Sísán tó wà lójú ká ojoojúmọ́ lè bọ́ sí ibi tí ràbà ti tẹ́ bí ọkọ̀ bá ga, kó sì pa ẹnu dé. Bí ó bá jẹ́ fáàfù tàbí ẹnu túùbù ló ń jò, gíga ọkọ̀ kò lè yí i padà tó bẹ́ẹ̀.

Omi ọṣẹ ló kù. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi kó hó, ẹ dà á sínú ike tó ń fín, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà ní gíga tó ti ń jò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣọ́ọ̀kì náà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí túùbù ti wọ ọ́. Ẹnu túùbù tó ń hó ni ìròyìn ayọ̀, nítorí owó kékeré ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀; wọ́n á gé ẹnu túùbù náà gún régé, wọ́n á sì fi ẹnu tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fín in sí àpótí fáàfù àti gbogbo túùbù tó jáde lára rẹ̀. Paríparí rẹ̀, ẹ yí sítíárìn dé òpin kí àyè ṣí sílẹ̀, ẹ sún ràbà tó ń dá eruku dúró sókè, kẹ́ ẹ fín in sójú ká. Ọ̀pọ̀ máa ń fi omi ọṣẹ pa ìta ràbà eruku yẹn lásán, wọ́n á sì sọ pé kò jò. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan níbẹ̀ láti jò. Àpò gan-an wà nínú.

Kí ẹnikẹ́ni má ti ọwọ́ tàbí orí bọ àárín táyà àti irin tó bò ó nígbà tí afẹ́fẹ́ nìkan ló gbé ọkọ̀ dúró. Bí àpò náà bá bẹ́ tàbí tí kọ̀ǹpútà bá tú afẹ́fẹ́, gbogbo igun ọkọ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ á balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ fi ìdúró onírin tì í lábẹ́ ara ọkọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò yín.

Ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe náà wúlò, bí ó bá jẹ́ èyí tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà tó ń darí afẹ́fẹ́. Èyí tó kéré tí ọ̀pọ̀ rewáyà ní, ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń kà, á sì sọ pé ọkọ̀ yín kò ní àṣìṣe kankan. Kódà èyí tó dára jù á sọ fún yín pé igun iwájú òsì kò ga tó, tàbí pé kọ̀mpẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́ jù. Kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí sísán. Téèpù àti omi ọṣẹ ló ń ṣe ìyẹn.

Ká gbà pé ojú ká ló ti ń hó. Ìpinnu wá délẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dìde láàárọ̀, tí ọ̀rọ̀ pupa sì kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ lè rọra wà á lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta fún àtúnṣe, láìkó ẹrù, láìdúró pa ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà. Bí kò bá dìde, ẹ má wà á. Ara ọkọ̀ ti jókòó sórí ràbà ìkọlù tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì, gbogbo kòtò ọ̀nà Eruwa á máa lu irin ọkọ̀ ní tààrà, táyà á sì máa ha ìbòrí rẹ̀ bí ẹ bá yà. Ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀ lẹ́yìn ni kí ẹ wá. Kí wọ́n má fi okùn fà á.

Fọkanáísà rere wà nílùú wa, ṣùgbọ́n kò sí gọ́ọ̀mù tàbí páàṣì tó máa dúró lójú ká yẹn. Táyà kì í ká lé ara rẹ̀. Àpò yìí ń ká, ó sì ń tẹ́, ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn. Páàṣì náà á ṣí, ó sì lè mú ràbà tó yí i ká ya sí i.

Ẹ lè ra tòkunbọ̀ ní ọjà Araròmi ní Agodi-Gate, Ìbàdàn, tàbí ní Ladipọ̀ l'Ékòó. Owó rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n èmi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ fún àpò ràbà. Ó ṣeé ṣe kí èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ọdún 2008 mìíràn ti dàgbà bíi tiyín, ó sì ti lè wà lórí pẹpẹ láìní afẹ́fẹ́ fún ìgbà pípẹ́, tí ibi tó ká ti gan síbẹ̀. Tuntun tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ràbà dáadáa ṣe sàn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe orúkọ Mẹ̀sídíìsì ló wà lára rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá wáyà wọ orí ṣọ́ọ̀kì yín àtijọ́. GL kan ní ṣọ́ọ̀kì tí kọ̀ǹpútà ń mú le tàbí rọ̀, òmíràn kò ní. Bí ẹ bá ra èyí tí kò ní wáyà sí ọkọ̀ tó yẹ kó ní in, iná mìíràn ni ẹ rà.

Ẹ gbọ́ ti sípíríìgì onírin náà. Kì í ṣe àwọn mẹkáníìkì wa ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀. Nígbà tí Kádílákì gbé Ẹ́lìdòrádò Búróàmù jáde ní ọdún 1957, afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, ó sì jò débi pé ọ̀pọ̀ tó rà á ló tú u, tó fi irin rọ́pò rẹ̀. Lónìí, wọ́n ń ta irin tí wọ́n ṣe fún ìwúwo GL gan-an, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tí àpò méjì tàbí mẹ́ta ti jò lára ọkọ̀ rẹ̀, tí kọ̀mpẹ́sọ̀ ti jó, tó sì fẹ́ lo ọkọ̀ náà ní Ìbàràpá fún ọdún púpọ̀ sí i, kò ṣìṣe bí ó bá yàn án. Ohun tó máa pàdánù ni bọ́tìnì tó ń gbé ọkọ̀ ga kọjá ẹrẹ̀, àti bí ẹ̀yìn ṣe ń gbéra fúnra rẹ̀ bí ẹrù bá wà níbẹ̀. Ohun tí mo kọ̀ pátápátá ni kí wọ́n gé sípíríìgì ọkọ̀ mìíràn kó lè bá a mu, tàbí kí wọ́n fi igi há abẹ́ igun kan. Igun kan á le ju èkejì lọ, ọkọ̀ á sì fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ bá tẹ bíréèkì lórí eré. Fún GL tí igun kan ṣoṣo ń jò, tí kọ̀mpẹ́sọ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé e dìde kíá, ẹ ra ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dè é, ẹ wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọ àpò tuntun kí wọ́n tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ láti orí jáàkì. Bí ìwúwo ọkọ̀ bá jókòó sórí àpò tí kò ní afẹ́fẹ́, ràbà náà á ká gbòdì, á sì lè ya lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á sọ fún yín pé ayédèrú ni ẹ rà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rilé kọ̀mpẹ́sọ̀ lọ́jọ́ kan náà, torí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀mpẹ́sọ̀ tó lè jó. Lẹ́yìn náà, ẹ tún fi téèpù wọ̀n ọ́n ní alẹ́ àti àárọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fi ìwé náà pamọ́ sínú ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ràbà iwájú ọ̀tún jẹ́ ẹgbẹ́ èyí tó jò. Bí ó bá di oṣù díẹ̀ sí i tí ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi sẹ̀ntímítà méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lóru, ẹ ti ní àkókò láti wá owó rẹ̀ kí iná tó tún tàn.